Báwo ni a ṣe ń mọ Kámílù yàtọ̀ sí Ràjásì nígbà tí a bá ń wọn ewì Lárúbáwá?

Ọmọ Kéwú Ìlọrin:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ yìí, àsàlámù àlékúmù. Ọdún yìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa ní Árúùdù, ẹ̀kọ́ wíwọn ewì, ní ilé kéwú wa, mo sì ti há sí ibì kan tí n kò rí ọ̀nà jáde. Olùkọ́ wa fún wa ní ìlà àkọ́kọ́ nínú ewì gígùn Ántárà, ó ní kí a sọ báhárì, ìyẹn irú ìwọ̀n ewì, tí ó wà lé lórí. Ìdajì àkọ́kọ́ ìlà náà ni èyí:

```
hal gaadara al-ṣuaraau min mutaraddami
```

Bí mo ṣe pín in nílé ni pé mo kà á báyìí: ha-lu-gaa-da-ra-al-ṣu-a-raa-u-mi-nu-mu-ta-ra-da-mi. Sílébù mẹ́tàdínlógún ni mo rí, kò sì bá báhárì kankan mu nínú àwọn tí wọ́n ti kọ́ wa. Nígbà tí mo tún un kà níwájú olùkọ́ ni mo gbọ́ ọ pé táfíìlà tí ó ṣáájú, ìyẹn ìpín àkọ́kọ́ nínú ìwọ̀n ìlà náà, dún bíi mus-taf-i-lun, ni mo bá kọ Ràjásì sílẹ̀, nítorí mus-taf-i-lun lẹ́ẹ̀mẹta ni wọ́n kọ́ wa pé ó wà nínú ìdajì ìlà Ràjásì. Olùkọ́ fi bíírò pupa fagi lé e, ó kọ Kámílù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àkókò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sì parí kí n tó lè béèrè ìdí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣì gbọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀fà:
Wa àlékúmù sàlámù. Ẹ̀gbọ́n, kíkà ni kí ẹ máa kà á. Ìdajì ìlà Kámílù ní sílébù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nítorí mu-ta-faa-i-lun jẹ́ sílébù márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹta ni a sì máa ń pè é. Ti Ràjásì jẹ́ méjìlá, nítorí mẹ́rin ni mus-taf-i-lun. Iye tí ẹ bá rí ni yóò sọ èyí tí ó jẹ́. Ní ti sílébù gígùn àti kúkúrú, ibi tí ohùn bá ti lọ sókè ni ó gùn, ibi tí ó bá ti wálẹ̀ ni ó kúrú. Ọ̀nà yìí ni mo fi yege nínú ìdánwò tèmi.

Olùkọ́ Lárúbáwá, Ìbàdàn:
Ẹ kú ìbéèrè tí ó dára yìí. Kí n tó dáhùn, mo fẹ́ tọ́ ọ̀rọ̀ àbúrò wa láti Ọ̀fà sọ́nà díẹ̀, nítorí pé apá kan nínú rẹ̀ tọ̀nà, apá kejì sì lè ṣi ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lọ́nà. Òtítọ́ ni pé Kámílù tí ó pé pérépéré ní sílébù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìdajì ìlà, ṣùgbọ́n Kámílù gba pé kí akéwì fi sílébù gígùn kan rọ́pò kúkúrú méjì tí ó bẹ̀rẹ̀ táfíìlà, nípa bẹ́ẹ̀ iye sílébù á máa yí padà láti ìdajì ìlà kan sí èkejì. Ti ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kò wọ inú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Etí Yorùbá ni ó ń tàn wá. Bí o bá sọ «bá» àti «bà», àkókò kan náà ni àwọn méjèèjì gbà lẹ́nu rẹ. Ohun tí Lárúbáwá ń wọ̀n ni bí a ti pẹ́ tó lórí sílébù, bí a ṣe ń pẹ́ lórí ìbẹ̀rẹ̀ «oògùn» tí a kì í sì í pẹ́ lórí ìbẹ̀rẹ̀ «ogun».

Sílébù máa ń gùn ní Lárúbáwá nígbà tí fáwẹ̀lì rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí a fà, bíi «gaa», tàbí nígbà tí kọ́ńsónáǹtì bá pa ilẹ̀kùn dé e lẹ́yìn, bíi «hal». Ibi kejì yìí ni àwa Yorùbá ti máa ń ṣubú, nítorí pé sílébù tiwa kì í parí sí kọ́ńsónáǹtì. A máa ń fi fáwẹ̀lì tì í lẹ́yìn láìmọ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí a ń pè ní Mùsùlùmí: mus-lim ni ó jẹ́ ní Lárúbáwá, sílébù méjì tí méjèèjì gùn, ṣùgbọ́n lẹ́nu wa ó ti di mẹ́rin. Ohun tí ìwọ náà ṣe nìyẹn nígbà tí o kọ ha-lu àti mi-nu. O sọ sílébù gígùn kan di kúkúrú méjì, lẹ́ẹ̀mejì.

Àṣìṣe méjì mìíràn tún wà nínú iṣẹ́ rẹ, ohun tí o rí pẹ̀lú ojú ni ó sì fa méjèèjì. Nínú Árúùdù, ohun tí etí gbọ́ nìkan ni a ń kọ. Álífù àti lámù tí ó wà níwájú ọ̀rọ̀ «ṣuaraa» kò dún níbí. Álífù ti dákẹ́, lámù sì ti wọnú ṣíìnì, ìdí nìyẹn tí ṣíìnì fi di méjì: gaa-da-raṣ-ṣu. Bákan náà ni dáálì inú «mutaraddami» ní ṣádà lórí, nítorí náà «rad-da» ni, kì í ṣe «ra-da». Fáwẹ̀lì ìkẹyìn nínú ìlà yìí ni a sì máa ń fà, tí «mi» yóò fi di «mii». Bí a bá kọ G fún gígùn tí a kọ K fún kúkúrú, ohun tí ó jáde nìyí:

```
hal gaa da raṣ | ṣu a raa u min | mu ta rad da mii
G   G   K  G   | K  K G   K G   | K  K  G   K  G
```

Mẹ́rìnlá ni sílébù rẹ̀. Táfíìlà àkọ́kọ́ jẹ́ mus-taf-i-lun lóòótọ́, etí rẹ kò tàn ọ́. Ṣùgbọ́n wo èkejì àti ẹ̀kẹta: mu-ta-faa-i-lun ni wọ́n. Kámílù lè wọ ẹ̀wù mus-taf-i-lun nígbàkígbà tí ó bá wù ú, ṣùgbọ́n Ràjásì kò lè wọ ẹ̀wù mu-ta-faa-i-lun láé, nítorí pé nínú mus-taf-i-lun tirẹ̀, kò sí ibi tí a ti lè fi kúkúrú méjì bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí o bá rí mu-ta-faa-i-lun ẹyọ kan péré níbikíbi nínú ewì, yálà nínú ìlà àkọ́kọ́ tàbí nínú ìlà ogójì, Kámílù ni gbogbo ewì náà. Ẹni tí ó bá wo táfíìlà àkọ́kọ́ nìkan tí ó sì dá ẹjọ́, kò tíì gbọ́ ẹlẹ́rìí.

Ìyá Onímáúlíìdì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Èmi kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ Árúùdù, ṣùgbọ́n àwa obìnrin ẹgbẹ́ wa ni a máa ń ka Búrúdà Ímáàmù Búsírì nígbà Máúlíìdì. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé yín, mo rò pé Kámílù ni òun náà, nítorí pé mo gbọ́ kúkúrú méjì àti gígùn kan nínú rẹ̀ nígbà tí a ń kọ ọ́. Ohun tí ó rú mi lójú ni pé bí a bá ti ń fi orin gbé e, gbogbo rẹ̀ ni ó máa ń gùn, kò sí èyí tí ó kúrú mọ́.

Olùkọ́ Lárúbáwá, Ìbàdàn:
Ẹ ṣeun, Ìyá. Ẹ kò ṣì gbọ́, kúkúrú méjì àti gígùn kan wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó tẹ̀ lé wọn ni ó yẹ kí a wò. Ìdajì tí ó ṣáájú nínú Búrúdà nìyí, nígbà tí a bá kà á láìkọrin:

```
a min ta sak | ku ri jii | raa nin bi sii | sa la mii
K G   K  G   | K  K  G   | G   G   K  G   | K  K  G
```

Lẹ́yìn K K G nínú Kámílù, K G ni ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e kí táfíìlà tó pé. Níbí, G G ni ó tẹ̀ lé e, èyí tí ó fi hàn pé táfíìlà ti parí, òmíràn sì ti bẹ̀rẹ̀. Táfíìlà onísílébù mẹ́rin, onísílébù mẹ́ta, onísílébù mẹ́rin, onísílébù mẹ́ta: Básíítì nìyẹn. Ní ti orin, ẹ jẹ́ kí ó máa gùn bí ó ṣe wù yín nígbà ìjọ́sìn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ wọn ewì gbọ́dọ̀ kà á bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀, nítorí pé ohùn orin lè fa sílébù kúkúrú títí tí a kò fi ní mọ̀ ọ́n mọ́.

Áàfáà Àgbà:
Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ sọ, mo sì gbà pé ìdáhùn náà tọ̀nà. Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí àwọn ọmọ kéwú rò pé sílébù ni Ímáàmù Kàlíìlì ọmọ Áhámádù fi gbé ìmọ̀ yìí kalẹ̀ ní Básírà. Lẹ́tà tí ó ń rìn àti lẹ́tà tí ó dákẹ́ ni ó fi ṣe é, báhárì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó sì tò, kí wọ́n tó ka ìkẹrìndínlógún mọ́ Àkífáṣì. Àǹfààní ọ̀nà yẹn hàn nínú ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ẹ ka lẹ́tà mu-ta-faa-i-lun, méje ni. Ẹ ka ti mus-taf-i-lun, méje náà ni. Lẹ́tà kejì tí ó ń rìn ni a kàn mú kí ó dákẹ́, a kò yọ nǹkan kan kúrò. Ẹni tí ó bá ń ka sílébù yóò rí márùn-ún àti mẹ́rin, yóò sì rò pé nǹkan ti sọnù.

Olùkọ́ Lárúbáwá, Ìbàdàn:
Áàfáà, mo dọ̀bálẹ̀. Òótọ́ ni ẹ sọ nípa Kàlíìlì, ọ̀nà yẹn ni èmi náà fi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo rí i lọ́dọ̀ àwọn tí mò ń kọ́ pé G àti K máa ń tètè yé ẹni tí kò tíì gbọ́ Lárúbáwá dáadáa, nítorí pé ó lè pàtẹ́wọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sílẹ̀ fún olùkọ́ kọ̀ọ̀kan.

Áàfáà Àgbà:
Ó lè pàtẹ́wọ́ sí lẹ́tà náà. N kò tíì gbà.

Ọmọ Kéwú Ìlọrin:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ̀yin àgbà. Mo ti gbìyànjú ìdajì kejì ìlà náà fúnra mi. Mo kíyè sí i pé lámù «al-daara» náà kò dún, ó ti di dáálì méjì:

```
am hal a raf | tad daa ra ba | da ta wah hu mii
G  G   K G   | G   G   K  G  | K  K  G   K  G
```

Áyìnì tí ó dákẹ́ ni ó pa «ba» dé, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ G sí i. Mẹ́tàlá ni mo rí níbí, mẹ́rìnlá ni ti ìdajì àkọ́kọ́, mo sì ti rí ìdí tí kíkà nìkan kò fi tó. Ṣùgbọ́n táfíìlà méjì nínú mẹ́ta ni ó jẹ́ mus-taf-i-lun níbí. Ká ní ẹ̀kẹta náà rí bẹ́ẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fún wa nínú ìdánwò, kí ni a ó pè é?

Olùkọ́ Lárúbáwá, Ìbàdàn:
O ṣe é dáadáa, ti áyìnì yẹn ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé. Bí gbogbo táfíìlà ìlà kan bá jẹ́ mus-taf-i-lun tí kò sì sí ìlà mìíràn, Ràjásì ni a máa ń pè é, nítorí pé òun ni mus-taf-i-lun jẹ́ ìpìlẹ̀ fún. Tún wò bóyá o máa rí G K K G tàbí K G K G láàárín wọn. Wọ́n wọ́pọ̀ gidigidi nínú Ràjásì, wọ́n sì ṣọ̀wọ́n nínú Kámílù.

Áàfáà Àgbà:
Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo jókòó ìdánwò náà, orúkọ méjèèjì ni n ó kọ, n ó sì kọ ìdí. Ìlà kan ṣoṣo kò tó láti fi dájọ́ láàárín àwọn méjì yìí.

Ọmọ Kéwú Ìlọrin:
Ẹ ṣeun, Áàfáà. N ó béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ wa ní ọjọ́ Àlàmísì èyí tí ó fẹ́ kí a kọ, n ó sì padà wá sọ fún yín níbí.