Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè ṣe é tí bàlúùn gáláàndì wa ò fi ní bẹ́ tán nínú oòrùn bíi ti èṣí?

Màmá Tòmíwá (Igbógbó, Ìkòròdú):
Ẹ káàsán o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àdúgbò wa máa ń ṣe pátì ìparí ọdún ní 27 Dìsẹ́ńbà, èmi ni wọ́n ní kí n bójú tó dẹ́kọ̀. Lésìí mo ṣe gáláàndì bàlúùn tó gùn tó fíìtì 12, mo gbé e kọ́ irin tí wọ́n tẹ̀ bí àáṣì síwájú tébù àwọn àgbà. Bàlúùn ínṣì 12 ni, Ìdúmọ̀tà ni mo ti rà á. Èmi àtàwọn ọmọ fẹ́ ẹ ní párọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú, a tan éésì nítorí ooru, a fẹ́ gbogbo ẹ̀ kún dáadáa torí mo fẹ́ kó dán. Nígbà tó di aago 11 àárọ̀ la gbé e jáde, kò tíì pé wákàtí kan tí àkọ́kọ́ bẹ́, mo ní kò burú, ọ̀kan ṣoṣo ni. Kó tó di aago 2 ó ti ń dún gbàù gbàù bí ìgbà táwọn ọmọdé ń yin bángà, àwọn ọmọ ọwọ́ ń ké, nígbà táwọn àgbà máa fi jókòó okùn àti àwẹ́ rọ́bà ló kù lókè. Owó àdúgbò ni, kì í ṣe owó mi, ó dùn mí gan-an. Àwọn kan ní bàlúùn fèyí ni mo rà. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Bọ̀dá Sunday (Ágíríkì):
Màmá Tòmíwá ẹ pẹ̀lẹ́. Oòrùn ni. Bàlúùn dúdú ló máa ń fa oòrùn mọ́ra, ẹ ra funfun àti àwọ̀ ìpara, kò ní bẹ́. Ẹ tún fi fasilíìnì díẹ̀ pa á lára, ó máa jẹ́ kí rọ́bà náà rọ̀.

Àǹtí Àbẹ̀ní Dẹ́kọ̀ (Sábó):
Bọ̀dá Sunday, ti àwọ̀ yẹn òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fasilíìnì kan bàlúùn o. Rọ́bà bàlúùn látara igi rọ́bà ni, gbogbo nǹkan tó bá jẹ́ òróró tàbí fasilíìnì máa ń jẹ ẹ́ ni, ó máa fẹ́lẹ́ síbi tó kàn, ibẹ̀ náà ló sì máa là. Funfun náà máa bẹ́ bí ẹ bá fẹ́ ẹ jù. Màmá Tòmíwá, kí n tó sọ̀rọ̀, ẹ dá mi lóhùn nǹkan mẹ́ta. Àwọ̀ wo ló kọ́kọ́ bẹ́? Ṣé àwọn tó wà lókè ni àbí àwọn tó wà nísàlẹ̀? Báwo ni ìdí bàlúùn náà ṣe rí lẹ́yìn tí ẹ so ó, ṣé ó rí roboto bí ọsàn ni àbí ó gùn bí ìbẹ́pẹ?

Màmá Tòmíwá:
Àǹtí, ẹ ṣeun. Dúdú àti wáìnì ló kọ́kọ́ bẹ́, àwọn tó wà lókè pátápátá. Góòlù díẹ̀ kù. Ẹ wò ó, ó gùn bí ìbẹ́pẹ lóòótọ́, ibi tí a ti so ó wú, mo rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ìyá Ìbejì Ẹ̀pẹ́:
Ẹ̀yin ará mi, ti èmi yàtọ̀, kò bẹ́, ńṣe ló wá sílẹ̀. Mo san owó gáàsì fún bàlúùn ọjọ́ ìbí àwọn ìbejì, ó lọ sókè lálẹ́, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ ó ti dùbúlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Màmá Tòmíwá, ẹ má lo gáàsì, ẹ máa pàdánù ni.

Àǹtí Àbẹ̀ní Dẹ́kọ̀:
Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́, tiyín ọ̀tọ̀ ni. Gáàsì yẹn fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, ó máa ń yọ jáde lára rọ́bà díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí tiyín fi wá sílẹ̀. Gáláàndì kì í lo gáàsì, atẹ́gùn lásán ni, irin ló ń gbé e dúró.

Màmá Tòmíwá, bàlúùn yín kò ṣe fèyí o. Ìbẹ́pẹ tí ẹ rí yẹn ni àrùn náà. Bí bàlúùn bá ti kún dé ọrùn, rọ́bà ẹ̀ ti nà dé òpin, kò sí àyè kankan mọ́. Ẹ wá fẹ́ ẹ nínú éésì, ẹ jẹ́ ká sọ pé dígírì 24 ni ooru párọ̀ yín, ẹ gbé e sínú oòrùn tó sọ ọ́ di dígírì 40, atẹ́gùn inú ẹ̀ máa fẹ̀ sí i bí ìdá kan nínú ogún. Ó kéré létí, àbí? Ṣùgbọ́n bàlúùn tí kò ní àyè, kékeré yẹn náà ti tó láti bẹ́ ẹ. Àwọn dúdú òkè sì máa ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ torí oòrùn ń ta lé wọn lórí tààrà, ìyẹn ni wọ́n fi ṣáájú. Oòrùn fúnra ẹ̀ tún máa ń jẹ rọ́bà. Ẹ máa rí i tí dídán ẹ̀ bá lọ tó wá ṣú bí aṣọ àrán, àwọn èèyàn máa ń rò pé eruku ọyẹ́ ni wọ́n á máa nù ún, kì í ṣe eruku, rọ́bà ló ń gbó. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́.

Ohun tí èmi máa ń ṣe rèé. Mo máa ń mú páálí índómì, màá gé ihò roboto sí i, ínṣì 9 láti etí dé etí. Bàlúùn ínṣì 12 ni mo máa fẹ́, ṣùgbọ́n ínṣì 9 ni màá jẹ́ kó dé. Mo máa kọ́kọ́ fẹ́ ẹ tóbi díẹ̀, màá wá jẹ́ kó mí jáde títí tó fi máa gba inú ihò yẹn kọjá tó kàn ń fara kan páálí, ìyẹn máa ń mú rọ́bà rọ̀, ó sì máa ń jẹ́ kó rí roboto. Tí ẹ bá fìka tẹ̀ ẹ́, ó gbọ́dọ̀ gbà fún yín. Tó bá dún bí ìlù nígbà tí ẹ ta á níka, ẹ tú atẹ́gùn díẹ̀ síta.

Ẹ má sì fẹ́ ẹ nínú éésì. Abẹ́ kánópì tàbí fàráńdà tí ooru ẹ̀ jọ ti ibi pátì ni kí ẹ jókòó sí.

Sẹ̀namì Bàdágìrì:
Àǹtí Àbẹ̀ní ẹ kú ìmọ̀. Ṣùgbọ́n tí gbogbo ẹ̀ bá kéré sí ínṣì 9, ṣé gáláàndì ò ní rí tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí? Mélòó ló máa ràn fíìtì 12?

Àǹtí Àbẹ̀ní Dẹ́kọ̀:
Kò ní rí tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ bá mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó. Ẹ so ọrùn méjì pọ̀, ẹ so méjì míì pọ̀, ẹ wá lọ́ àwọn méjèèjì mọ́ra wọn ní ọrùn kó di mẹ́rin bí òdòdó. Mẹ́rin mẹ́rin yẹn ni ẹ máa gbé sórí okùn, okùn máa gba àárín wọn, ẹ yí i mọ́ ọrùn wọn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ tì í kó sún mọ́ èyí tó ṣáájú ẹ̀ dáadáa, kí bàlúùn tuntun bọ́ sínú kòtò àwọn ti tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá tì í dáadáa, ìdì oní-mẹ́rin kọ̀ọ̀kan máa gba bí ínṣì 6. Fíìtì 12 jẹ́ ínṣì 144, ìyẹn jẹ́ ìdì 24, bàlúùn 96. Ẹ ra 120 kí ẹ ní àfikún. Lẹ́yìn náà ẹ mú àwọn kékeré ínṣì 5, bí 40, ẹ fẹ́ wọn dé ínṣì 4, ẹ fi dí àwọn ihò tó bá ṣí. Àwọn kékeré yìí ló máa ń jẹ́ kó rí kíkún.

Okùn tí mo fi ń ṣe é, okùn àwọn apẹja ni, èyí tó rí bíi gíláàsì yẹn, kì í tètè já.

Ìyá Ìbejì Ẹ̀pẹ́:
Okùn yẹn pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àwọ̀n ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Ṣé gúlù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àwọn kékeré yẹn dáa?

Àǹtí Àbẹ̀ní Dẹ́kọ̀:
Nínú yàrá ó dáa. Níta nínú ooru, pàápàá tí eruku ọyẹ́ bá ti bà lé bàlúùn, kì í lẹ̀ mọ́, ẹ máa rí i pé ó ń yọ́ wá sílẹ̀. Èmi máa ń so kékeré méjì pọ̀ ni, màá fi ọrùn wọn há àárín àwọn ńlá.

Bọ̀dá Sunday (Ágíríkì):
Ẹ ṣeun Àǹtí, mi ò mọ ti fasilíìnì yẹn. Kí ẹ wá fi bàlúùn méjì sínú ara wọn ńkọ́? Mo rí i níbì kan, wọ́n ní ó máa ń lágbára.

Àǹtí Àbẹ̀ní Dẹ́kọ̀:
Èmi máa ń ṣe é nítorí àwọ̀, kí funfun inú jẹ́ kí àwọ̀ òde jinlẹ̀. Mi ò rí i kó dá ooru dúró.

Sẹ̀namì Bàdágìrì:
Àǹtí, ẹ má bínú, tèmi yàtọ̀ síyẹn. Mo ṣe onílọ́po méjì létí omi ní Kérésì tó kọjá, èyí tó jẹ́ ẹyọ kan bẹ́ mẹ́fà, onílọ́po ò bẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé atẹ́gùn òkun ń fẹ́ níbẹ̀, bóyá ìyẹn ló tù ú.

Àǹtí Àbẹ̀ní Dẹ́kọ̀:
Ó lè jẹ́ atẹ́gùn, ó sì lè jẹ́ ìlọ́po méjì, mi ò lè jiyàn ohun tí ojú yín rí. Owó ẹ̀ ni wàhálà, bàlúùn 96 máa di 192.

Màmá Tòmíwá:
Àǹtí, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo fẹ́ fi imọ̀ ọ̀pẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ṣé kò sí wàhálà?

Àǹtí Àbẹ̀ní Dẹ́kọ̀:
Ẹ fi sí i, ṣùgbọ́n ẹ fi sísà gé ṣóńṣó orí ewé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì yọ ọwọ̀ tó bá yọ síta. Atẹ́gùn díẹ̀ máa gbọn ewé, ṣóńṣó yẹn á gún bàlúùn bí abẹ́rẹ́. Irin àáṣì yín náà, ẹ fọwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tí wọ́n ti wẹ́ẹ̀dì, ibi tó dógùn-ún, ẹnu wáyà tí wọ́n gé, ẹ fi àkísà wé e kí ẹ tó lẹ téèpù lé e. Ní àdúgbò kan tí mo ṣe ní Ìta-Ẹlẹ́wà, bàlúùn mẹ́rin bẹ́ lójú kan náà, a ń bú oòrùn, àṣé ẹnu wáyà kékeré kan ni.

Màmá Tòmíwá (ọjọ́ kejì):
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo dán an wò lónìí. Mo so wáìnì mẹ́ta mọ́ okùn aṣọ lẹ́yìnkùlé láti aago 12, ọ̀kan kún dé ọrùn, ọ̀kan ínṣì 10, ọ̀kan ínṣì 9 tí mo fi páálí wọ̀n. Èyí tó kún bẹ́ kó tó di aago 1, mo wà ní kíṣìnì mo gbọ́ ọ. Ínṣì 10 dúró dé aago 4 ṣùgbọ́n ó ti ṣú, ó le gbandi. Ínṣì 9 náà ti ṣú díẹ̀, àmọ́ ó ṣì rọ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà páálí ni màá lò.

Ohun tó kù tó ń dà mí láàmú ni pé kánópì wa máa ń kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, aago 4 ni pátì bẹ̀rẹ̀, ìgbà yẹn ni oòrùn máa ń wọlé síwájú tébù tààrà.

Àǹtí Àbẹ̀ní Dẹ́kọ̀:
Ẹ yí tébù sẹ́yìn kánópì, kí gáláàndì wà ní ìbòji. Ẹ tò ó sórí okùn ní àárọ̀, ẹ fi sábẹ́ fàráńdà, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó nítorí eruku, aago 3 ni kí ẹ gbé e kọ́. Ẹ kó dúdú àti wáìnì sísàlẹ̀, kí góòlù àti funfun wà lókè. Tí wọ́n bá kọ̀ pé wọn ò ní yí tébù, ẹ pè mí kí ẹ tó ra nǹkan kan.

Màmá Tòmíwá:
Alága àdúgbò ní wọn kì í yí tébù torí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti wà níbẹ̀. Mo ń lọ bá a nílé báyìí.