Táńkì lítà 25 ni àbí kí n pààrọ̀ fáàfù?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí bọ́ílà mi bá ti gbóná dáadáa, fáàfù ààbò báà 3 á bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó, tó, tó. Omi inú páìpù àti rediétọ̀ tó lítà 200. Láti 10°C dé 80°C, ó ń fi nǹkan bíi lítà 6 wú. Táńkì tó ń gba omi tó bá wú, lítà 8 péré ni. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jẹ́ báà 1, nítorí náà kò lè gbà ju lítà 4 lọ kí fáàfù tó ṣí.

Mo fi lítà 3 kún 6 fún omi àfipamọ́, mo sì ní kí ìfúnpá má kọjá báà 2.5. Ìlà àkọ́kọ́ ni ìdá táńkì tó lè gba omi, ìkejì ni lítà táńkì tí mo nílò:

```
(2.5 - 1) / (2.5 + 1) = 0.43
9 / 0.43 = 21
```

Ẹnì kan ní kí n kàn fi fáàfù báà 4 sí i, ṣùgbọ́n báà 3 ni wọ́n kọ sára bọ́ílà. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Ṣé kí n ra lítà 25?