Ẹ gbà mí o, eyín tí wọ́n ti yọ iṣan inú rẹ̀ tún ń ro mí

Ìyá Ìbejì, Súrùlérè: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Inú ń bí mi gan-an. Dókítà eyín kan ṣe rúùtù kánàlì fún mi, ó gba ₦90,000, ó tún ní kí n lọ wá ₦150,000 fún kíráùn tí wọ́n máa fi bo orí eyín náà. Ṣé mo fẹ́ jọba ni tí mo fi máa dé adé sẹ́nu? Owó ilé ìwé àwọn ìbejì wà nílẹ̀, ọkọ̀ wa kọṣẹ́ ní Ojúẹlẹ́gba. Ní báyìí, eyín náà tún ń ro mí bí mo bá ti fi jẹun. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n lù mí ní jìbìtì?

Bàbá Ẹ̀bùtẹ́: Jìbìtì ni. Bí wọ́n bá ti yọ iṣan inú eyín, eyín ti kú nìyẹn, òkú kì í sì í mọ ìrora. Ẹwà lásán ni kíráùn. Ẹ fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ yọ ẹnu.

Sísí Ìsàlẹ̀ Èkó: Èmi náà ṣe é ní 2019, wọn ò fún mi ní kíráùn kankan, mo ṣì ń fi ya àgbàdo. Abẹ́rẹ́ yẹn nìkan ló dùn mí, lẹ́yìn náà mo sùn lọ fọnfọn lórí àga.

Alábàáṣiṣẹ́ Dókítà Eyín: Ẹ ní sùúrù. Sísí, eyín wo ni tiyín? Ìyá Ìbejì, èwo ni tiyín, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ sì lọ?

Sísí Ìsàlẹ̀ Èkó: Ti iwájú, lókè.

Ìyá Ìbejì, Súrùlérè: Ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, eyín ńlá ẹ̀yìn. Ó fi rọ́bà kan bo ẹnu mi, mi ò lè sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko. Ṣé ìyà yẹn náà wà nínú ₦90,000 ni?

Alábàáṣiṣẹ́ Dókítà Eyín: Rọ́bà yẹn fi hàn pé ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kòkòrò kún inú itọ́, kò sì gbọ́dọ̀ wọ inú eyín tí wọ́n ṣí sílẹ̀. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, wọ́n á lu orí eyín títí wọ́n á fi kan yàrá tí iṣan wà. Irú eyín tiyín sábà máa ń ní ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó wọ inú gbòǹgbò lọ, tó tín-ín-rín gan-an. Wọ́n á kọ́kọ́ wọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó, torí bí wọn ò bá dé ìsàlẹ̀, ìdọ̀tí á kù síbẹ̀. Wọ́n á fi fáìlì wẹ́wẹ́ ha á, wọ́n á máa fi oògùn tó jọ bílíìsì ṣan án, nítorí fáìlì ò lè dé gbogbo kọ̀rọ̀. Tó bá gbẹ tán ni wọ́n á fi gọ́tà-pẹ́ṣà, tó dà bíi rọ́bà, dí i dé ìsàlẹ̀. Nígbà míì, wọ́n á kọ́kọ́ fi oògùn sínú rẹ̀, wọ́n á dí orí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ padà wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi bi yín pé ẹ̀ẹ̀melòó lẹ lọ.

Bàbá Ẹ̀bùtẹ́: Kò tíì sọ ohun tó mú òkú máa ké.

Alábàáṣiṣẹ́ Dókítà Eyín: Bàbá, inú eyín ló kú. Ẹran àti eegun tó yí gbòǹgbò rẹ̀ ká ṣì wà láàyè, ibẹ̀ ló ń ro wọ́n. Ní ti kíráùn, ihò tí wọ́n lu ti gbé òrùlé eyín lọ, ògiri nìkan ló kù. Bí a bá ń fi eyín ẹ̀yìn lọ oúnjẹ, ó máa ń ti ògiri wọ̀nyẹn síta títí wọ́n á fi là. Kíráùn ló ń gbá wọn mọ́ra. Eyín iwájú kì í ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni ti Sísí fi dúró.

Ìyá Táyọ̀, Yábàá: Ìyá Ìbejì, ẹ dáhùn ìbéèrè tí wọ́n bi yín! Ẹ kàn ń ṣàwáwí owó.

Ìyá Ìbejì, Súrùlérè: Ẹ má bú mi o. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo lọ. Ó ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kíráùn yẹn ló bí mi nínú tí mi ò fi lọ mọ́. Oṣù mẹ́rin nìyẹn. Nǹkan funfun tó fi dí i ti ń ṣí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fọ́ eegun, nǹkan ró kàù, igun eyín kan sì ń mì báyìí.

Ìyá Táyọ̀, Yábàá: Olúwa o.

Alábàáṣiṣẹ́ Dókítà Eyín: Ẹ ò tíì ṣe é tán nìyẹn! Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni nǹkan funfun yẹn wà fún. Tó bá ti ṣí, itọ́ á wọlé, kòkòrò á tún kún ihò tí wọ́n ti fọ̀. Wọ́n lè ṣí i, kí wọ́n tún un fọ̀, kí wọ́n wá dí i. Igun tó ń mì yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Bó bá là dé inú gbòǹgbò, yíyọ ló kù. Ẹ̀kísíréè lè máà fi ojú ibi tó là hàn, dókítà á fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ wọ ẹ̀gbẹ́ èrìgì wò. Bí irin náà bá rì lójú kan ṣoṣo, à á máa fura pé ó ti là dé gbòǹgbò.

Bàbá Ẹ̀bùtẹ́: Ẹ kúkú yọ ọ́ dànù, owó rẹ̀ kéré.

Alábàáṣiṣẹ́ Dókítà Eyín: Kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó ná, Bàbá.

Ìyá Ìbejì, Súrùlérè: Ohun kan rèé tí mi ò tíì sọ. Nǹkan bí ìléròrò kékeré wà lára èrìgì níbẹ̀, á tú, á tún wú. Ó ti tó oṣù kan. Mo rò pé ata ni.

Alábàáṣiṣẹ́ Dókítà Eyín: Ọyún ló ń wá ọ̀nà jáde yẹn. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi ẹ̀gbẹ́ yẹn jẹun, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà yín lọ́la, tàbí kí ẹ lọ sí ẹ̀ka eyín ní ilé ìwòsàn ńlá Ìdí-Àràbà. Bí àgbọ̀n bá wú tàbí tí gbígbé nǹkan mì bá ṣòro, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́, òru yẹn ni kí ẹ lọ.

Ìyá Ìbejì, Súrùlérè: Ṣé ₦90,000 tí mo san tẹ́lẹ̀ ṣì máa wúlò níbẹ̀?