Ibo ló yẹ kí "kò" yìí dúró sí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Abẹ́òkúta ni mo wà. Mo ń bá ẹ̀gbọ́n mi yẹ àkékúrú ìwádìí wọn wò kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí àpérò. Aláró 40 ní Ìtòkú ni wọ́n bá sọ̀rọ̀: 20 ń wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, 20 kì í wọ̀ ọ́. Nínú àwọn tó ń wọ̀ ọ́, ọwọ́ ń yún ẹni 5. Nínú àwọn tí kì í wọ̀ ọ́, ẹni 9.

Wọ́n kọ ọ́ pé: "Ìwádìí wa fi hàn pé ìbọ̀wọ́ kò dín ọwọ́ yíyún kù." Mo ní ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ pé: "Ìwádìí wa kò fi hàn pé ìbọ̀wọ́ dín ọwọ́ yíyún kù." Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣebí "kò" kan náà ni.

Lójú tèmi, kì í ṣe ọ̀kan náà. 5 kéré sí 9, àmọ́ p, ìyẹn bó ṣe ṣeé ṣe tó kí irú ìyàtọ̀ yìí tàbí èyí tó jù ú lọ ṣèèṣì wáyé ká ní ìbọ̀wọ́ ò ṣe nǹkan kan, tó nǹkan bíi 0.3, èèyàn 40 ò sì tó láti mọ̀ bóyá ìbọ̀wọ́ ló fà á àbí ó kàn ṣe kòńgẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó lè dín in kù dáadáa, ó sì lè má ṣe nǹkan kan. Tí "kò" bá wà níwájú "dín", a ti dájọ́ nìyẹn. Aláró lè gbọ́ ọ kó sọ tirẹ̀ nù.

Ọ̀rọ̀ 9 péré ló kù fún wa. Ṣé kí n fi "5 nínú 20, 9 nínú 20" kún un, àbí kí n sọ pé èèyàn kò pọ̀ tó? Àkọlé wọn náà tún ni "Àìwúlò Ìbọ̀wọ́". Báwo ni mo ṣe máa sọ ìyẹn fún ẹ̀gbọ́n láìdà bí aláfojúdi?