Kí ni kí n kọ sábẹ́ àbáyà mi lórí WhatsApp kí wọ́n yé bi mí ní ìbéèrè kan náà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àbáyà àti hìjáàbù ni mò ń tà láti ilé mi ní Tanke níbí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi, àwọn kan sì máa ń rà á láti Ọ̀fà àti Òmù-Àrán. WhatsApp Business ni mò ń lò, mo sì ti kó ọjà sínú katalọ́ọ̀gì. Ohun tí mo kọ sábẹ́ àbáyà dúdú tó ń tà jù nìyí:

"Àbáyà tó rẹwà, ojúlówó ni, gbogbo sáìsì wà. Ẹ kàn sí wa fún iye rẹ̀."

Láti àárọ̀ dalẹ́, ìbéèrè mẹ́ta náà ni: èló ni, sáìsì wo ló máa bá mi mu, ṣé ẹ máa fi ránṣẹ́ sí mi. Ìdáhùn kan náà ni mò ń tẹ̀ ṣáá, bí mo bá sì pẹ́ díẹ̀, oníbàárà ti lọ ra tiẹ̀ níbòmíì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà kan ní Òmù-Àrán dá àbáyà padà pé ó ń wọ́ nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló ní 56 lòun ń wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ, báwo ni mo sì ṣe máa lo Quick replies?

Ọmọ Fáte: Kò le rárá, àǹtí. Ẹ wọ Business tools, ẹ tẹ Quick replies, ẹ kọ ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbẹ̀. Bí wọ́n bá ti béèrè iye báyìí, fóònù á dá wọn lóhùn fúnra rẹ̀.

Ìyá Aláàbáyà: Ọmọ Fáte, ọ̀nà tẹ́ ẹ fi hàn wọ́n tọ́, ṣùgbọ́n Quick replies kì í dáhùn fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa tẹ àmì / níbi tẹ́ ẹ ti ń kọ̀wé sí oníbàárà, àwọn ìdáhùn tẹ́ ẹ ti kọ sílẹ̀ á jáde, ẹ ó mú èyí tó bá ìbéèrè mu, ẹ ó kà á, ẹ ó wá fi ránṣẹ́. Greeting message lèyí tó ń lọ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń kọ̀wé sí yín fún ìgbà àkọ́kọ́ ló ń lọ bá, tàbí ẹni tẹ́ ẹ ò ti bá sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ 14. Kò mọ ohun tí onítọ̀hún béèrè o, torí náà ẹ má kó ọ̀rọ̀ púpọ̀ síbẹ̀. Ẹ kí wọn, ẹ ní kí wọ́n wo katalọ́ọ̀gì, ó tó.

Alábàáyà Tanke, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látinú katalọ́ọ̀gì, torí àìsí ìdáhùn níbẹ̀ ló ń kó ìbéèrè bá yín. "Ó rẹwà, ojúlówó ni": fọ́tò ti sọ ìyẹn. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yín nìkan ló sì ń hàn nígbà tí wọ́n bá ń wo àwọn ọjà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní láti tẹ ọjà yẹn kí wọ́n tó rí ìyókù. Ohun tí ojú ò rí nínú fọ́tò ni kí ẹ fi ṣáájú: irú aṣọ tó jẹ́, bóyá ó fi ara hàn, bó ṣe gùn tó.

Ọ̀rọ̀ 56 yẹn gan-an ló dùn mí jù. Nọ́ńbà ara àbáyà kì í ṣe ti àyà, kì í sì í ṣe ti ìbàdí. Gígùn ni: íǹṣì 56 láti èjìká dé ìsàlẹ̀. 54 sábà máa ń bá ẹni tó ga tó fíìtì 5 àti íǹṣì 3 mu, 56 bá ẹni tó ga tó fíìtì 5 àti íǹṣì 5, 58 bá ẹni tó ga tó fíìtì 5 àti íǹṣì 7. Ẹni tó bá sanra tí kò ga lè máa mú 58 pé kó lè fẹ̀ dáadáa, ó sì máa wọ́ nílẹ̀ dandan. Ẹlòmíì wà tó jẹ́ pé bàtà gogoro ló fi ń wọ 56 tiẹ̀. Torí náà ẹ má bi wọ́n pé sáìsì wo ni wọ́n ń wọ̀ mọ́. Ẹ béèrè gíga wọn, kí ẹ sì kọ fífẹ̀ àyà aṣọ náà sọ́tọ̀.

Aránṣọ Ọ̀fà: Ẹ ṣeun, màmá. Tèmi ńkọ́? Rírán ni mò ń rán, mi ò ní aṣọ tó ti délẹ̀. Iye iṣẹ́ ò dọ́gba, báwo ni mo ṣe máa kọ iye sí katalọ́ọ̀gì?

Ìyá Aláàbáyà: Ẹ lè fi àyè iye sílẹ̀ lófìfo, WhatsApp ò fipá mú yín. Ẹ kọ ọ́ sínú àlàyé pé owó iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti iye báyìí, láìka aṣọ mọ́ ọn. Ẹni tó ń ta èyí tó ti délẹ̀ ni mo ní kó kọ iye rẹ̀ gan-an.

Alájàpá Ọjà Ọba: Èmi ò fara mọ́ ìyẹn o. Ní Ìlọrin níbí, ẹni tó fẹ́ rajà fẹ́ ná an. Bí mo bá kọ iye síbẹ̀, ẹni tá a jọ ń ta á kàn máa yọ igba náírà kúrò nínú tiẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè, ẹnu la fi ń mú oníbàárà.

Ìyá Aláàbáyà: Bóyá bó ṣe rí fún yín nínú ọjà nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wo fóònù láago mọ́kànlá alẹ́ ò ní dúró dè mí kí ilẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ọ̀rọ̀ ẹni tá a jọ ń tà yẹn kì í ṣe irọ́.

Alábàáyà Tanke, ó ku Quick replies. Ẹ má kọ iye ọjà síbẹ̀ rárá. Bí iye bá yí padà, ẹ máa tún ti katalọ́ọ̀gì ṣe, ẹ ó sì gbàgbé èyí, ẹ ó wá máa sọ iye méjì fún oníbàárà kan. Bí wọ́n bá béèrè èló, ọjà náà gan-an ni kí ẹ fi ránṣẹ́ látinú katalọ́ọ̀gì. Ní ti Shortcut rẹ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ kúkúrú tí kò ní àmì ohùn, kó lè yá a tẹ̀. Tèmi nìyí.

/iwon: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ga tó fíìtì mélòó? Bí àbáyà tó bá yín mu bá wà nílé, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n láti èjìká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn dé ìsàlẹ̀, kí ẹ fi iye íǹṣì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi."

/ranse: "Láàárín Ìlọrin, ọlọ́kadà máa gbé e wá lọ́jọ́ náà bí owó bá ti wọlé kó tó di aago méjì ọ̀sán. Òde Ìlọrin, a máa gbé e sọ́kọ̀ ní gáréèjì, oníbàárà ló ń san owó ọkọ̀. Ẹ fi orúkọ, àdúgbò àti nọ́ńbà tí awakọ̀ máa pè ránṣẹ́. Ìgbà tí owó bá hàn nínú àkáǹtì wa la tó ń gbé ọjà jáde."

Ẹ má yọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Fọ́tò rìsíìtì kì í ṣe owó.

Ọmọ Fáte: Ṣé a lè fi orúkọ oníbàárà sí i? Bíi kí n kọ ORÚKỌ sílẹ̀, kí n máa yí i padà?

Ìyá Aláàbáyà: Ẹ lè ṣe é, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọwọ́ yín bá dí, "Ẹ káàbọ̀, ORÚKỌ" ni oníbàárà máa rí. Ẹ jẹ́ kí ìdáhùn náà pé láìsí orúkọ.

Alábàáyà Tanke: Ẹ ṣeun gidi. Mo ti tún un kọ, ẹ bá mi wò ó:

"Àbáyà dúdú, aṣọ nídà, kò fi ara hàn. Gígùn: íǹṣì 54, 56 àti 58 láti èjìká dé ìsàlẹ̀. Àyà: íǹṣì 46 yípo. Ọwọ́ gbọọrọ, orí la ti ń wọ̀ ọ́, kò ní bọ́tìnnì. Ẹ sọ gíga yín fún mi kí n bá yín mú èyí tó máa bá yín mu."

Mo kọ ₦18,500 sí àyè iye. Màá wò ó fún oṣù kan ná, torí ọ̀rọ̀ Alájàpá ṣì ń jà mí lọ́kàn.

Ìyá Aláàbáyà: Ó dáa. Ṣùgbọ́n hìjáàbù wà lórí ẹni tó wọ̀ ọ́ nínú fọ́tò yín. Ṣé ó tẹ̀ lé e ni, àbí ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ra á?

Alábàáyà Tanke: Ọ̀tọ̀ ni o! Mò ń kọ ọ́ sí i báyìí.