Wóró, ìpẹ́pẹ́, èéfín: orúkọ wo la ó fún iná inú géèmù?

Láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ kọ̀ǹpútà kan, Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà èdè. Mo ń kọ ìwé ìlànà fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Godot, irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe géèmù. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ wọn ni iná igi tí àwọn èèyàn jókòó yí ká lálẹ́ nínú géèmù: èéfín rẹ̀, ohun tó ń ta pàrà lára rẹ̀, àti ìmọ́lẹ̀ tí kì í dúró sójú kan. Ohun kéékèèké tí kọ̀ǹpútà ń tú jáde lọ́pọ̀ yanturu la fi ń ṣe é. Ẹyọ kan ni mò ń pè ní «ẹ̀rún», ti èéfín àti ti iná. Ṣé ó bójú mu? Kí la sì máa pe ohun tí ìmọ́lẹ̀ náà ń ṣe?

Láti ọ̀dọ̀ tíṣà Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì, Òkè-Bàlógun

Ẹ̀rún kò bá a mu. Ara nǹkan ńlá ni ẹ̀rún ti ń jábọ́. Búrẹ́dì ló ń rún kí ẹ̀rún rẹ̀ tó bọ́ sílẹ̀. Níbi tí kò bá ti sí búrẹ́dì, ẹ̀rún kò sí. Ohun tí ẹ̀ ń sọ yìí kò jábọ́ lára ohunkóhun. Ẹ pè é ní wóró. A lè ka wóró lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì lè fọ́n ọn ká. Hóró náà ìbá ṣe é lò, àmọ́ ohun líle ni hóró. Etí mi kò gba «hóró èéfín».

Ní ti ìmọ́lẹ̀, iná tó bá ń tàn tó tún ń wọ̀ọ̀kùn, a máa ń ní ó ń ṣẹ́jú ni. Ẹ pè é ní ìṣẹ́jú iná.

Láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe géèmù, Pópó-Ọbà

Mo fara mọ́ wóró, Bàbá. Kí ó jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo fún gbogbo wọn, torí ìṣe kan náà ni wọ́n. Nínú iṣẹ́ tèmi, `Blend Mode` gbogbo wọn, ìyẹn bí àwọ̀ wọn ṣe ń dàpọ̀ mọ́ ohun tó wà lẹ́yìn, `Add` ni: ọwọ́ iná, èéfín, ohun tó ń ta. Iná mi ń dán gan-an lóru. Ìmọ́lẹ̀ kò le rárá. Ẹ ní kí kọ̀ǹpútà mú nọ́ńbà èyíkéyìí nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá ń ya àwòrán tuntun:

```
light_energy = randf_range(1.0, 3.0)
```

Láti ọ̀dọ̀ ọmọ ẹlẹ́ja, ọjà Olúwo

Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí mo rí «èéfín» mo rò pé ọ̀rọ̀ ibi tí a ti ń yan ẹja ni. Mo ti fẹ́ sọ fún yín pé igi tútù ló ń mú èéfín pọ̀ báyẹn, kí ẹ lọ wá igi gbígbẹ. Mo wá tún un kà.

Ohun tó ń ta lára iná, nílé wa, ìpẹ́pẹ́ iná ni. Ẹ wo ẹni tó ń fi ọ̀bẹ ha ẹja: ìpẹ́pẹ́ á máa ta sí i lójú, á máa ta sí i láṣọ, á sì máa kọ yànràn nínú oòrùn. Ti iná náà rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ èéfín kì í ta. Ògiri funfun kan wà lẹ́yìn ààrò màmá mi. Tí èéfín bá ti gba iwájú rẹ̀ kọjá, ògiri náà á dúdú lójú mi. Ìpẹ́pẹ́ kò sọ ògiri di dúdú rí.

Láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ti pẹ́ nídìí àwòrán kọ̀ǹpútà, Ayétòrò

Àǹtí ọjà Olúwo ti fọwọ́ kan ibi tó ń dunni. Ìpẹ́pẹ́ ń tàn, èéfín ń bò. `Add` ń kó ìmọ́lẹ̀ wóró lé orí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àròpọ̀ lásán ni, kò lè mú ohunkóhun ṣókùnkùn. Ọwọ́ iná àti ìpẹ́pẹ́ ló ni ín. `Mix` ń fi àwọ̀ wóró bo ẹ̀yìn rẹ̀ bí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Èéfín ló ni ín.

Àbúrò mi ní Pópó-Ọbà, òkùnkùn tó wà lẹ́yìn iná rẹ ni kò jẹ́ kí o rí àṣìṣe náà. Gbé ògiri funfun sẹ́yìn rẹ̀. Èéfín rẹ máa pòórá, torí funfun kò lè funfun ju funfun lọ. Kódà lóru náà, wo ibi tí ogún wóró èéfín ti pàdé: wàá rí i tó ń tàn bí òwú tí wọ́n tan gílóòbù sínú rẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí tún kan ètò. Nínú àròpọ̀, èyíkéyìí ló lè ṣáájú, kò yí nǹkan kan padà. Nínú bíbò, aṣọ òkè la ń rí, nítorí náà èyí tó jìnnà ni kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà. Fún èéfín, ẹ yí `Draw Order` kúrò ní `Index` sí `View Depth`, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wóró ẹ̀yìn á máa fò wá síwájú bí ẹ bá ti ń yí ojú kámẹ́rà.

Bàbá tíṣà jàre lórí wóró. Láti ìgbà tí William Reeves ti kọ̀wé lórí ọ̀nà yìí ní 1983 ni wóró kọ̀ọ̀kan ti ní ìbí tirẹ̀, ọjọ́ orí tirẹ̀ àti ikú tirẹ̀, ẹ̀rún kò sì ní ìwọ̀nyẹn. Mo kàn fẹ́ kí a pín in: wóró atàn àti wóró abò. Ọmọ tó bá mọ orúkọ méjèèjì yóò mọ èyí tó yẹ kó yàn nínú `Blend Mode`.

Ìṣẹ́jú ni mi ò lè gbà, ẹ má bínú, Bàbá. Ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá ti kún inú iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ojú tó ṣẹ́ máa ń pa dé. Gílóòbù tí wáyà rẹ̀ kò dì dáadáa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tí `randf_range` náà sì ń ṣe nìyẹn: bí àwòrán bá ń yí ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, agbára iná á fò nígbà 60, lórí fóònù tó lọ́ra, á di 30. Iná igi kì í pa dé. Ó ń sọ, ó ń rọlẹ̀. Àwọn tó wọn iná rí i pé iye ìgbà tó ń sọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan súnmọ́ `1.5 / √D`, tí `D` jẹ́ fífẹ̀ ìdí iná ní mítà. Iná tó fẹ̀ tó ààbọ̀ mítà á sọ ní nǹkan bí ìgbà méjì. Ẹ kọ ọ́ báyìí; nọ́ńbà tí `FastNoiseLite` ń mú wá kì í fò, díẹ̀díẹ̀ ló ń yí:

```
extends OmniLight3D
var n := FastNoiseLite.new()
var t := 0.0

func _ready():
    n.frequency = 1.0

func _process(delta):
    t += delta * 4.0
    light_energy = 2.0 + 0.6 * n.get_noise_1d(t)
```

Bí ẹ bá yọ ìlà `frequency` kúrò, 0.01 ló máa lò, iná náà á sì dúró gbagidi. Mo dábàá «ìsọrọlẹ̀» fún un.

Láti ọ̀dọ̀ tíṣà, Òkè-Bàlógun

Mo jáwọ́ nínú ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ kọ «ìsọrọlẹ̀» láìfi àmì sí i, bí àwọn ọmọ ṣe máa ń kọ ọ́ lórí fóònù, kí ẹ sì ní kí ẹnìkan kà á. «Ìsọ̀rọ̀» ló máa kọ́kọ́ pè. Kí ló dé tí a ò sọ pé ìjó iná? Iná ń jó, ijó náà sì wà nínú rẹ̀.

Láti ọ̀dọ̀ ẹni ti Ayétòrò

Ìjó iná ti ní iṣẹ́ tirẹ̀, Bàbá. Igi tó ń jó wà nínú géèmù kan náà, a sì nílò ọ̀rọ̀ fún jíjó rẹ̀.

Láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ kọ̀ǹpútà

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo gbé ògiri funfun náà sẹ́yìn iná lánàá: èéfín pòórá lóòótọ́, `Mix` ló dá a padà. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí i pé èéfín mi ń wọ́ lọ sílẹ̀ bí omi. Nínú `ParticleProcessMaterial`, `gravity` tó bá Godot wá, `(0, -9.8, 0)` ni; mo sọ ọ́ di `(0, 0.5, 0)` fún èéfín, ó sì gòkè. Ìpẹ́pẹ́ ni mo fi `-9.8` sílẹ̀ fún, torí ó yẹ kó ta sókè kó sì wálẹ̀.

Wóró, wóró atàn, wóró abò àti ìpẹ́pẹ́ iná ti wọ inú ìwé. Ojú ìwé tó sọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀, mo kọ «bí iná ṣe ń sọ tó ń rọlẹ̀» sí i gẹ́gẹ́ bí gbólóhùn, mo sì fi àyè orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo títí ẹ ó fi fohùn ṣọ̀kan.