Èmi Àgùdà, òun Mùsùlùmí: ṣé a lè ṣe méjèèjì?

Àdùnní: Ẹ kú ilé o. Oṣù 8 rèé tí èmi àti ọ̀gbẹ́ni kan ti ń bá a bọ̀, ó wá ní òun fẹ́ wá rí àwọn òbí mi. Àgùdà ni mí, Mùsùlùmí ni. Bàbá rẹ̀ ní lèmọ́mù ló máa so yìgì. Màmá mi ní bí kò bá sí fáàdá, kí n má retí òun. Mo ní ká kúkú ṣe méjèèjì kí gbogbo wọn sinmi.

Bọ̀dá Táyé: Àfi kó kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi. Fáàdá kì í so Àgùdà pọ̀ mọ́ Mùsùlùmí.

Ìyá Ìbejì: Kò rí bẹ́ẹ̀ tán, ẹ̀gbọ́n. Ìyọ̀ǹda bíṣọ́ọ̀bù ni wọ́n máa gbà, fáàdá ló ń bá èèyàn kọ̀wé sí i. Èmi náà gbà á. Láìsí i, ìjọ ò ní ka ìgbéyàwó náà sí.
Àdùnní, ìlérí tó wà nínú rẹ̀ ni kó o mọ̀. Ìwọ lo máa ṣèlérí pé wàá sa gbogbo ipá rẹ kí àwọn ọmọ ṣe ìrìbọmi, kí wọ́n sì dàgbà sínú ìjọ. Òun ò ní ṣèlérí kankan, wọ́n kàn máa rí i pé ó mọ ohun tó o ṣèlérí. Iwájú fáàdá ni ọkọ mi ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó ṣáà ń yí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́. A ò bára wa sọ̀rọ̀ títí a fi délé.
Ti méjèèjì yẹn, ìjọ ò gbà á. Ẹ ò lè jẹ́ ẹ̀jẹ́ lọ́dọ̀ fáàdá, kẹ́ ẹ tún lọ so yìgì. Lèmọ́mù lè wá ṣe àdúà. Bí ìdí tó lágbára bá wà, bíṣọ́ọ̀bù lè yọ̀ǹda kí yìgì nìkan dúró.

Alfa Kékeré: Lọ́dọ̀ tiwa, Súrà Máídà, ẹsẹ 5, gba ọkùnrin láyè láti fẹ́ Kristẹni tó jẹ́ ọmọlúàbí, kò sì di dandan kó yí padà. Ọ̀rọ̀ ọmọ ló le. Mùsùlùmí ni ọmọ Mùsùlùmí lójú àwọn onímọ̀ wa.

Ṣadé: Ah, ara tù mí! Èmi ni Mùsùlùmí, ọkùnrin mi ni Àgùdà.

Alfa Kékeré: Àbúrò, tìẹ yàtọ̀ o. Ọ̀pọ̀ jù lọ onímọ̀ ò gba obìnrin láyè bẹ́ẹ̀. Bó o bá tiẹ̀ rí lèmọ́mù tó máa so ó, àwọn ará ilé rẹ lè má kà á sí.

Àdùnní: Ìyá Ìbejì, àwọn ìbejì wá ń kọ́?

Ìyá Ìbejì: Wọ́n ti pé ọdún 9. Wọn ò tíì ṣe ìrìbọmi. Mo ṣì ń sa ipá mi.

Àdùnní: Mo bi í lálẹ́ àná. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín pé, "Ọmọ tá ò tíì bí?" Nígbà tó rí ojú mi, ó ní òun á pe bàbá òun lọ́jọ́ Sunday.

Ìyá Ìbejì: Òun lo bi, o ò bi bàbá rẹ̀. Tún un bi kí Sunday tó pé.